Lórí Ọjà Títà Ni, Tàbí Lórí Èrè? Àsọyé lórí Àǹfààní àti Ewu Òwò Fíránṣáìsì

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá bá wa pé jọ, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìdásílẹ̀ òwò tí a tìtorí yín pe ìpàdé yìí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá dáhùn ìbéèrè kan tó sábà máa ń jẹ yọ nínú ìdánwò: kí ni àǹfààní òwò fíránṣáìsì, ìyẹn òwò tí ẹnìkan ti ń gba orúkọ òwò ẹlòmíràn lò, kí sì ni ewu rẹ̀, fún ẹni tó ni orúkọ àti fún ẹni tó gba orúkọ náà lò? Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe sí ìbéèrè yìí ni pé wọ́n á fa ìlà sí àárín ìwé, wọ́n á to àǹfààní sí apá ọ̀tún, wọ́n á to ewu sí apá òsì, ó parí. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè gba máàkì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tí àǹfààní àti ewu náà ti ń sun wá. Orísun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ní.

Orísun náà nìyí. Orí ọjà tí a bá tà ni ẹni tó ni orúkọ ti ń gba owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí èrè tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó ni ẹni tó gba orúkọ lò ti ń jẹun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ ó lè dáhùn ìbéèrè yòówù tí wọ́n bá bi yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, kódà bí wọ́n bá gbé e gba ọ̀nà tí ẹ kò rí rí.

Bí ètò náà ṣe rí

Ẹnìkan ti dá òwò kan sílẹ̀, òwò náà sì ti lórúkọ. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, ó ti kọ ọ̀nà náà sínú ìwé ìlànà, ó sì ti fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹlòmíràn má baà jí i lò. Dípò kí ó máa fi owó ara rẹ̀ ṣí ẹ̀ka kiri, ó gbà kí àwọn ẹlòmíràn fi owó tiwọn ṣí ẹ̀ka lábẹ́ orúkọ náà, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni n óò máa pè ní olórúkọ, ẹni kejì ni n óò máa pè ní ayálórúkọ.

Owó mẹ́ta ló sábà máa ń ti ọwọ́ ayálórúkọ bọ́ sí ọwọ́ olórúkọ. Èkíní ni owó ìwọlé, tí a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí a bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Èkejì ni owó tí a ń san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn bá wà, tó jẹ́ ìdá kan nínú gbogbo owó tó wọlé lórí ọjà. Ìṣákọ́lẹ̀ ni n óò máa pe èyí, nítorí pé kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ máa ń san. Ẹ̀kẹta ni owó ìpolówó, tí gbogbo ẹ̀ka ń dá jọ sínú àpò kan tí olórúkọ ń bójú tó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ayálórúkọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ olórúkọ, kò sì bá a pín òwò náà. Oníṣòwò tó dá dúró ni. Òun ló ń gba òṣìṣẹ́ sí ẹ̀ka rẹ̀, òun ló ń san owó ilé, òun náà ni báǹkì yóò wá wò lójú bí gbèsè bá wà nílẹ̀. Síbẹ̀, kò lè yí àwọ̀ ara ògiri ilé ìtajà rẹ̀ padà láìgba àṣẹ.

Àpẹẹrẹ tí a ó fi ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ìfọṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Olórúkọ ní ilé ìfọṣọ mẹ́ta tó ń ṣe dáadáa. Ó ti mọ irú ẹ̀rọ tó yẹ, ó mọ ìwọ̀n ọṣẹ tí kílò aṣọ kan ń fẹ́, ó sì mọ bí a ṣe ń so nọ́ńbà mọ́ aṣọ kí ti oníbàárà kan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó fẹ́ ní ẹ̀ka 30, kò sì ní owó tí yóò fi ṣí wọn. Ní apá kejì, obìnrin kan wà tó ti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tó fẹ́ yá ìyókù ní báǹkì. Kò fọ aṣọ gbowó rí láyé rẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Nínú gbogbo 100 tó bá wọlé lórí ọjà ní ẹ̀ka obìnrin yìí, 30 ń lọ sórí ọṣẹ, omi, iná, ọ̀rá àti ìfàṣọkọ́. Owó òṣìṣẹ́ gba 28, owó ilé gba 12, gbèsè báǹkì tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ gba 10. Ìṣákọ́lẹ̀ gba 6, owó ìpolówó sì gba 2. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 88 ni. Ohun tó kù fún obìnrin náà ni 12.

Ẹ wo 6 yẹn dáadáa. Bí a bá sọ pé 6 nínú 100, ó dà bí ohun kékeré, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ fa ojú ro. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìṣákọ́lẹ̀, 18 ni ìbá kù fún obìnrin yìí, kì í ṣe 12. Ìdá mẹ́ta èrè rẹ̀ ló pín, tó sì fi ìdá kan fún olórúkọ. Ṣé a lè wá sọ pé ó pọ̀ jù? A kò tí ì mọ̀. Ó kù sọ́wọ́ ohun tó gbà padà, ibẹ̀ ni a sì ń lọ.

Ojú olórúkọ

Àǹfààní olórúkọ tí gbogbo ìwé kọ́kọ́ máa ń sọ ni owó: òwò rẹ̀ ń gbòòrò láìjẹ́ pé ó yá kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Báǹkì kì í yá ẹni tó ní ilé ìfọṣọ mẹ́ta lówó tí yóò fi ṣí 30, ṣùgbọ́n ènìyàn 30 lè yá owó tí olúkúlùkù yóò fi ṣí ẹyọ kan. Bí ẹ̀ka kan bá sì kógbá sílé, kì í ṣe olórúkọ ni onílé yóò lọ bá fún owó ilé tó kù.

Èmi gbà pé àǹfààní kejì tóbi jù ú lọ. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Bí olórúkọ bá gba máníjà sí ẹ̀ka tó jìnnà sí i, owó oṣù máníjà yẹn kò ní yí padà, yálà oníbàárà mẹ́wàá wọlé tàbí ẹnìkan kò wọlé. Olórúkọ yóò ní láti gba ẹlòmíràn tí yóò máa ṣọ́ máníjà. Ṣùgbọ́n ayálórúkọ tó fi owó ara rẹ̀ sínú ẹ̀ka kò nílò ẹni tí yóò ṣọ́ ọ kí ó tó dé ibi iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Ìdí nìyẹn tí òwò tí ẹ̀ka rẹ̀ tú ká jìnnà síra, tó sì nílò àmójútó ojoojúmọ́, fi máa ń bá ètò yìí mu ju òwò tí ènìyàn lè jókòó sí ibì kan darí.

Kí wá ni olórúkọ ń pàdánù? Ìṣirò kan náà ni kí ẹ fi wò ó. Bí ilé ìfọṣọ yẹn bá jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ìnáwó sì rí bákan náà, 18 ni yóò máa mú lọ sílé. Nísinsìnyí, 6 ló ń mú. Ó nílò ayálórúkọ mẹ́ta kí ó tó rí ohun tí ẹ̀ka kan ṣoṣo tirẹ̀ ìbá fún un. Kì í sì í ṣe gbogbo 6 yẹn ló jẹ́ èrè, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ san owó àwọn tó ń kọ́ àwọn ẹni tuntun níṣẹ́, owó àwọn alábẹ̀wò tó ń lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, àti owó agbẹjọ́rò.

Ìtàn ilé oúnjẹ Màkìdónáàdì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ènìyàn. Ní 1954, Réè Kírọ́ọ̀kì, tó ń ta ẹ̀rọ ìpo mílíkì, bá àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Màkìdónáàdì tó dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀ ṣe àdéhùn pé kí òun máa fún àwọn ẹlòmíràn láṣẹ láti lo orúkọ àti ìlànà wọn jákèjádò Amẹ́ríkà. Ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n fẹnu kò sí ni 1.9 nínú 100. Nínú rẹ̀, 0.5 jẹ́ ti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, 1.4 sì ni Kírọ́ọ̀kì yóò fi tọ́jú gbogbo ẹ̀ka, kí ó tó jẹun. Owó yẹn kò tó. Òwò ń tóbi, orúkọ ń tàn, síbẹ̀ àpò ilé-iṣẹ́ gbẹ. Ẹni tó yọ wọ́n ni Hárì Sọ́nbọ̀ọ̀nù, tó ń bá Kírọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́, tó dá a lábàá pé kí ilé-iṣẹ́ máa gba ilẹ̀ tàbí ilé fúnra rẹ̀, kí ó sì máa fi háyà fún àwọn ayálórúkọ ní iye tó ju èyí tí òun ń san lọ. Láti 1956 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, owó ilé ló sì gbé ilé-iṣẹ́ náà dúró. Ní 1961, Kírọ́ọ̀kì ra gbogbo ẹ̀tọ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní mílíọ̀nù dọ́là 2.7.

Ohun méjì ni kí ẹ mú nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́, ìṣákọ́lẹ̀ tó bá kéré jù kì í ṣe oore fún ayálórúkọ, nítorí pé olórúkọ tí kò rí owó kò ní lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èkejì, ẹni tó ni ilé tí ẹ̀ka wà nínú rẹ̀ ní agbára tó ju ti ẹni tó kàn ni orúkọ lọ. Bí ayálórúkọ bá tàpá sí ìlànà, olórúkọ tó jẹ́ onílé lè lé e jáde kúrò nínú ilé. Ẹni tó ní orúkọ nìkan yóò wà ní kóòtù fún ìgbà pípẹ́.

Ewu tó wá le jù fún olórúkọ ni ti orúkọ fúnra rẹ̀. Oníbàárà kò mọ ta ni ayálórúkọ, kò sì fẹ́ mọ̀. Bí ẹ̀ka kan bá sun aṣọ ìgbéyàwó ènìyàn jóná, orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò bú, gbogbo ẹ̀ka tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ni yóò sì kó sínú èébú náà. Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Olórúkọ kò sì lè lé ayálórúkọ lọ bí ẹni lé òṣìṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìkìlọ̀, kí ó fún un ní àkókò àtúnṣe, kí ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Kí gbogbo èyí tó parí, àwọn oníbàárà kan ti lọ, wọn kò ní padà.

Ewu mìíràn wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà kọ, tó jẹ́ pé láti orísun tí mo sọ ló ti wá tààrà. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé orí ọjà ni a ti ń ṣírò ìṣákọ́lẹ̀, ayálórúkọ tó bá fẹ́ jẹ èrè púpọ̀ sí i lè fi ọjà pamọ́. Ó gba aṣọ, ó gba owó, kò já rìsíìtì. Báwo ni olórúkọ yóò ṣe mọ̀? Alábẹ̀wò tó gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé owó. Inú yàrá ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, yóò ka páálí ọṣẹ tó ṣófo, yóò wo iye ìwé nọ́ńbà aṣọ tí ẹ̀ka náà gbà láti orílé-iṣẹ́ àti iye tó kù nílẹ̀. Bí ìwé nọ́ńbà 4,000 bá ti tán, tí àkọsílẹ̀ ọjà sì sọ pé aṣọ 2,900 ni wọ́n fọ̀, ìbéèrè wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ má rò pé ìwà ìbàjẹ́ ẹnìkan lásán ni, nítorí pé ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń fa ọwọ́ ènìyàn síbẹ̀, pàápàá ní oṣù tí ọjà kò bá lọ.

Ojú ayálórúkọ

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Kí ló fi 6 àti 2 yẹn rà? Ó ra àṣìṣe tí ẹlòmíràn ti ṣe tán. Kò ní ra ẹ̀rọ tí kò tóbi tó, kò ní kọ́kọ́ fi ọṣẹ púpọ̀ jù ṣòfò fún ọdún kan kí ó tó mọ ìwọ̀n. Ó ra orúkọ tí oníbàárà ti mọ̀, nítorí náà kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ó tún ra agbára láti ra nǹkan pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka yòókù, kí owó ọṣẹ àti ti ẹ̀rọ lè dínkù. Bí ohun mẹ́ta yìí bá jẹ́ òótọ́ ní ẹ̀ka rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó máa tà 100 níbi tí òun nìkan ìbá ti máa tà 70, ìṣákọ́lẹ̀ náà yóò sì ti san ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí wọ́n bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ. Ilé ìfọṣọ mẹ́ta tó ń ṣe dáadáa ní ìlú kan kò tí ì fi hàn pé orúkọ náà ní agbára ní ìlú mìíràn. Bí oníbàárà kò bá mọ orúkọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ayálórúkọ náà ló ń fi owó ara rẹ̀ polówó orúkọ ẹlòmíràn.

Ewu ayálórúkọ tó jinlẹ̀ jù ni pé owó rẹ̀ wọlé tán kí ó tó mọ òtítọ́. Ó ti ya àwọ̀ orúkọ náà sí ara ilé, ó ti ra ẹ̀rọ tí ìlànà sọ, ó ti fọwọ́ sí ìdúró lọ́dọ̀ báǹkì pé bí òwò bá wó, wọ́n lè wá gba dúkìá òun. Bó bá fẹ́ jáde, ìwé àdéhùn sábà máa ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ ṣe irú òwò kan náà ní agbègbè yẹn fún ọdún kan tàbí méjì. Nítorí náà, kò lè ṣí orúkọ wálẹ̀ kí ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Òye iṣẹ́ ìfọṣọ tó fi ọdún púpọ̀ kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní lè lò ó níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí àǹfààní ẹnìkan ti di ewu ẹnìkejì

Àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ wa ni a dé yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mú kálámù. Ọ̀ràn méjì ni a ó ṣírò.

Ọ̀ràn kìíní: olórúkọ pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka ṣe ẹ̀dínwó 20 nínú 100 fún oṣù kan. Oníbàárà ya wọlé, aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ fi 30 nínú 100 lé sí i. Inú orílé-iṣẹ́ dùn. Owó ọjà wá di 104, nítorí pé aṣọ pọ̀ sí i ṣùgbọ́n owó orí aṣọ kọ̀ọ̀kan dínkù. Ọṣẹ àti iná kò mọ ẹ̀dínwó, wọ́n gòkè láti 30 sí 39. Obìnrin wa gba ẹnìkan kún òṣìṣẹ́, owó wọn di 30. Owó ilé dúró sí 12, gbèsè dúró sí 10. Ìṣákọ́lẹ̀ di 6.24, owó ìpolówó di 2.08. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò pé 5. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, ẹ̀rọ ń gbó sí i, èrè rẹ̀ sì já sí ìsàlẹ̀ ìdajì, ṣùgbọ́n owó olórúkọ gòkè ní tirẹ̀. Ṣé olórúkọ parọ́? Kò parọ́. Ṣé ó jalè? Kò jalè. Orí ọjà ló ń wò, ọjà sì lọ sókè.

Irú èyí ti dé kóòtù rí. Ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn ayálórúkọ ilé oúnjẹ Bọ́gà Kíìnì ní Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní Fílórídà nítorí pé ó ní kí wọ́n máa ta bọ́gà onípele méjì ní dọ́là kan, nígbà tí àwọn ayálórúkọ sọ pé ohun tí àwọn ń ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju dọ́là kan lọ. Ní 2010, ilé ẹjọ́ sọ pé ìwé àdéhùn fún ilé-iṣẹ́ náà láṣẹ láti dá iye owó. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe bóyá àwọn ayálórúkọ ń pàdánù ni ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ wò. Ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni ó wò.

Ọ̀ràn kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olórúkọ rí i pé ẹ̀ka obìnrin yìí ń ṣe dáadáa, ó sì ta orúkọ fún ẹlòmíràn tó ṣí ẹ̀ka sí òdìkejì àdúgbò. Ọjà obìnrin wa já láti 100 sí 80. Ẹ̀ka tuntun ń tà 70. Ọṣẹ àti iná obìnrin náà wá sílẹ̀ sí 24. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣì nílò ẹni tí yóò dúró tì í, nítorí náà owó òṣìṣẹ́ kò kúrò ní 28. Onílé ṣì ń gba 12, báǹkì ṣì ń gba 10. Ìṣákọ́lẹ̀ di 4.8, ìpolówó di 1.6. Ẹ ro ó pọ̀: 80.4. Ó ń tà 80, ó ń ná 80.4. Ìdá márùn-ún ọjà rẹ̀ péré ló lọ, ṣùgbọ́n gbogbo èrè rẹ̀ ló bá a lọ. Ní ti olórúkọ, ó ń gba 6 nínú 100 lórí 150 nísinsìnyí, èyí tó jẹ́ 9. Owó rẹ̀ fi ìdajì lé sí i.

Ṣé ó wá yé wa báyìí ìdí tí àwọn agbẹjọ́rò fi máa ń jà lórí gbólóhùn tó sọ nípa agbègbè nínú ìwé àdéhùn? Bí ìwé bá sọ pé ayálórúkọ ní agbègbè kan tí a kò ní fún ẹlòmíràn, ẹ béèrè ààlà rẹ̀: ṣé kìlómítà ni a fi wọ̀n ọ́n ni, tàbí orúkọ òpópónà? Ṣé olórúkọ fúnra rẹ̀ lè wá gba aṣọ àwọn oníbàárà agbègbè yẹn lórí ẹ̀rọ ayélujára? Ọ̀pọ̀ ìwé ló dí ẹnu ọ̀nà iwájú, tó sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé olórúkọ ni ọ̀tá o. Olórúkọ tó bá ń pa àwọn ayálórúkọ rẹ̀ lára yóò pẹ́ yóò yá kò ní rí ẹni tuntun tí yóò wọlé, ẹ̀ka tó bá sì kú kì í san ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tó ń mú kí olórúkọ ronú jinlẹ̀ ni pé kí owó rẹ̀ máa ti ara ìṣákọ́lẹ̀ wá fún ìgbà pípẹ́. Èyí ló jẹ́ kí n bẹ̀rù olórúkọ tó jẹ́ pé owó ìwọlé ló fi ń jẹun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹ̀ka yè, ohun tó nílò ni kí ẹni tuntun máa fọwọ́ síwèé. Bí ẹ bá rí ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń ta orúkọ fún un pọ̀ ju àwọn alábẹ̀wò rẹ̀ lọ, ẹ ti rí ohun tí mo ń sọ.

Ohun tí ó yẹ kí a wò kí a tó fọwọ́ síwèé

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣòwò gbé jáde ní 1978, tí wọ́n tún ṣe ní 2007, sọ ọ́ di dandan pé kí olórúkọ fún ẹni tó fẹ́ wọlé ní ìwé ìfihàn kan, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ó tó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí san owó. Orí ọ̀rọ̀ 23 ló wà nínú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò ní irú òfin yìí, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ayálórúkọ má béèrè ohun tó wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nínú orí ọ̀rọ̀ 23 yẹn, ibi tí èmi yóò kọ́kọ́ ṣí ni orí ogún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ iye ẹ̀ka tó ṣí, iye tó tì, àti iye tó ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láàárín ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀nà tí a lè gbà kàn sí àwọn ayálórúkọ, títí kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Àwọn tó kúrò ni kí ẹ pè. Ẹni tó ṣì wà níbẹ̀ lè máa wá ẹni tí yóò ra ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Bí ẹ̀ka kan náà bá ti gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta kọjá láàárín ọdún mẹ́ta, a kò kà á mọ́ àwọn tó tì, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ni ó ṣeé ṣe kí owó wọn ti rì síbẹ̀.

Orí kọkàndínlógún ni ti owó tí àwọn ẹ̀ka ń rí. Òfin kò fi dandan mú olórúkọ láti kọ ohunkóhun síbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ iye tí ẹ̀ka lè máa pa, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí ó sì ní ìdí tó dájú. Ẹ tún fojú sí i pé iye ọjà ni wọ́n sábà máa ń kọ, kì í ṣe èrè. Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ohun kan tó kù ni ọjọ́ orí àwọn ìwé. Àdéhùn orúkọ lè jẹ́ ọdún 10, kí àdéhùn ilé jẹ́ ọdún 7, kí gbèsè báǹkì sì jẹ́ ọdún 5. Bí onílé bá gba ilé rẹ̀ ní ọdún keje, ìṣákọ́lẹ̀ kò ní sí mọ́, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ ṣì lè sọ pé ayálórúkọ ti da àdéhùn. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ìwé náà parí papọ̀, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ilé bá bọ́, ayálórúkọ lè kó lọ sí ilé mìíràn ní agbègbè kan náà.

Tí ó bá wá jẹ́ pé èmi ni obìnrin yẹn fi ìwé hàn, kí ni n óò sọ fún un? N óò ní kí ó má fọwọ́ sí i bí ó ṣe wà yẹn. Kì í ṣe 6 yẹn ni ìṣòro mi. Gbólóhùn mẹ́ta ni n óò ní kí ó lọ gbà wá: pé kò ní sí ẹ̀ka mìíràn láàárín ààlà tí a fi kìlómítà wọ̀n fún gbogbo ọdún àdéhùn, pé lóṣù tí olórúkọ bá pàṣẹ ẹ̀dínwó, ìṣákọ́lẹ̀ náà yóò dínkù ní ìwọ̀n kan náà, àti pé tí ọjà ẹ̀ka kò bá dé iye kan tí wọ́n fẹnu kò sí lẹ́yìn ọdún kejì, ó lè jáde láìsan owó ọdún tó kù. Olórúkọ tó ní ilé ìfọṣọ mẹ́ta péré, tó ń wá ayálórúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀, lè gba méjì nínú mẹ́ta yẹn. Olórúkọ tó ti ní ẹ̀ka ẹgbẹ̀rún kì í sábà gba ọ̀kan. Bí olórúkọ bá gba ti ààlà àti ti ẹ̀dínwó, kí obìnrin náà fọwọ́ sí i. Bí ti jíjáde nìkan ni olórúkọ bá gbà, kí obìnrin náà gbé owó rẹ̀ padà sí báǹkì.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ìṣirò ọ̀ràn kejì, kí ó dìde.